Ṣáàtì 17 ti pọ̀ jù: èyí tó yẹ kí máníjà ilé ìwòsàn máa wò

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Èmi ni mò ń bójú tó ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Abẹ́òkúta. Dókítà méjì la ní, nọ́ọ̀sì mẹ́fà, láàbù, fámásì àti bẹ́ẹ̀dì mẹ́jọ. A máa ń fún àwọn ọmọ ọwọ́ ní abẹ́rẹ́ àjẹsára ní gbogbo Ọjọ́rú. Ọmọ àbúrò ọkọ mi bá wa ṣe dáṣíbọ́ọ̀dù sórí Excel, ṣáàtì 17 ló wà nínú rẹ̀. Ó dùn ún wò, àmọ́ ó ti tó oṣù méjì tí mi ò ti ṣí i. Orí fóònù ni mo sì ti máa ń wò ó. Èwo ni kí n dá sí, èwo ni kí n yọ, báwo ni kí n ṣe tò wọ́n?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ o, Mà. Ẹ bá mi kí ọmọ náà, torí ẹni tó lè ṣe ṣáàtì 17 lè ṣe mẹ́rin tó dáa. Ẹ má tíì pa nǹkan kan rẹ́. Ẹ mú bébà kan, kí ẹ kọ orúkọ ṣáàtì kọ̀ọ̀kan síbẹ̀, ọ̀kan lábẹ́ èkejì. Níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ìdáhùn sí ìbéèrè yìí: bí èyí bá burú láàárọ̀ ọ̀la, ta ni màá pè, kí ni màá sì ní kó ṣe? Èyí tí ẹ ò bá rí orúkọ èèyàn kọ síwájú rẹ̀, ẹ fi àmì sí i. Ó ní láti kúrò lójú ewé tí ẹ máa ń ṣí láràárọ̀.

Mo ti rí irú dáṣíbọ́ọ̀dù yìí rí, débi pé mo lè méfò àwọn tí àmì máa kàn. Ṣáàtì roboto kan máa wà tó ń fi hàn pé àwọn obìnrin pọ̀ ju ọkùnrin lọ. Ta lẹ fẹ́ pè lórí ìyẹn? Òmíràn máa wà fún àìsàn mẹ́wàá tó wọ́pọ̀ jù, ibà ló sì máa wà lókè rẹ̀, bóo lọ bóo bọ̀. Ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan wà tó ní ọwọ́ bíi ti aago tó ń wọn ìtẹ́lọ́rùn aláìsàn, tí àwọn tó dáhùn lóṣù tó kọjá ò ju mẹ́ta lọ. Èyí tó ń sọ iye bẹ́ẹ̀dì tí èèyàn wà lórí rẹ̀ náà kò ní ṣaláì sí níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì mẹ́jọ lẹ ní. Bí aláìsàn kan ṣoṣo bá lọ sílé, ṣáàtì yẹn á já wálẹ̀ ní ìdá 12.5 nínú 100, ẹni tí kò mọ̀ á rò pé nǹkan ńlá ló ṣẹlẹ̀. Ẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù kí ẹ kà wọ́n. Ojú yín yá ju Excel lọ níbẹ̀.

Àwọn ṣáàtì wọ̀nyẹn kì í ṣe pàǹtí ṣá o. Púpọ̀ nínú wọn ló ń ṣiṣẹ́ lópin oṣù, nígbà tí ẹ bá ń kọ fọ́ọ̀mù NHMIS tó ń lọ sọ́dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀, tí wọ́n máa tẹ̀ sínú DHIS2. Ìjọba nílò iye ọkùnrin, iye obìnrin, iye ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Ẹ kó gbogbo wọn sí ewé mìíràn nínú fáìlì kan náà, kí ẹ pè é ní «Ìparí oṣù». Ohun tí ìjọba ń béèrè yàtọ̀ sí ohun tí ẹ fi ń tọ́ ilé ìwòsàn láti Ọjọ́ Ajé dé Ọjọ́ Àbámẹ́ta. Àdàlù àwọn méjèèjì ló sọ tiyín di 17.

Bó bá jẹ́ èmi ni mo jókòó sórí àga yín, mẹ́rin ni mo máa dá sí: ìṣẹ́jú tí aláìsàn fi ń dúró, ọjọ́ tí oògùn kù kó tán, owó tí àwọn ilé iṣẹ́ adójútòfò ìlera jẹ yín, àti àwọn ọmọ tó gba abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ tí wọn ò padà wá gba èyí tó kẹ́yìn. Ẹ jẹ́ kí n mú wọn níkọ̀ọ̀kan. Mo máa pẹ́ díẹ̀ lórí méjì àkọ́kọ́, torí ibẹ̀ ni ṣáàtì ti máa ń parọ́ fún èèyàn jù.

Ti ìdúró ló ṣáájú. Ohun tí à ń wọ̀n ni iye ìṣẹ́jú láti ìgbà tí wọ́n yọ káàdì aláìsàn jáde títí dé ìgbà tó wọ yàrá dókítà. Ẹ̀rọ kankan ò pọn dandan. Òṣìṣẹ́ ibi káàdì á kọ aago sí igun káàdì, nọ́ọ̀sì tó ń pe orúkọ á kọ aago kejì sábẹ́ rẹ̀. Lálẹ́, ẹnì kan á tẹ aago méjèèjì sínú Excel. Bí aago ìgbà tó dé bá wà ní B, tí ti ìgbà tó wọlé wà ní C, ìlà àkọ́kọ́ nísàlẹ̀ yìí á fún yín ní ìṣẹ́jú nínú F. Iye ìṣẹ́jú tó wà nínú ọjọ́ kan ni 1440. Ìlà kejì àti ìkẹta ni ẹ máa lò fún gbogbo ọjọ́ náà.

```
=(C2-B2)*1440
=MEDIAN(F2:F60)
=COUNTIF(F2:F60,">60")
```

Kí ló dé tí mi ò fi sọ pé kí ẹ wá ìpíndọ́gba? Ẹ jẹ́ ká ní aláìsàn 11 ló wá ní àárọ̀ ọjọ́ kan, tí wọ́n dúró fún ìṣẹ́jú 12, 15, 18, 20, 22, 25, 31, 40, 55, 130 àti 145. Bí ẹ bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, 513 ni. Ẹ pín in sí 11, ó sún mọ́ 47. Dáṣíbọ́ọ̀dù yín á kọ 47 gàdàgbà. Ta ló wá dúró fún ìṣẹ́jú 47 nínú wọn? Kò sí. Mẹ́jọ nínú wọn kò dúró ju ìṣẹ́jú 40 lọ, méjì sì jókòó síbẹ̀ fún ohun tó ju wákàtí méjì lọ. Ìpíndọ́gba po àwọn tára tù àti àwọn tó ń kanra pọ̀, ó wá fún yín ní nọ́ńbà tí kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni.

Bí ẹ bá tò wọ́n láti orí èyí tó kéré jù dé èyí tó pọ̀ jù, tí ẹ mú ẹni tó bọ́ sí àárín gan-an, ẹni kẹfà ni, ìṣẹ́jú 25. Èyí ni MEDIAN ń mú jáde. Ó sọ bí ọjọ́ ṣe rí fún aláìsàn gbogbogbòò. COUNTIF wá ń sọ fún yín pé ẹni méjì dúró ju wákàtí kan lọ. Ẹ nílò méjèèjì lójú ewé kan náà. 25 yẹn fi yín lọ́kàn balẹ̀ pé ìtò yín kò bàjẹ́. 2 yẹn ní kí ẹ pe nọ́ọ̀sì kí ẹ béèrè ohun tó ṣe àwọn méjì yẹn. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ máa rí i pé láàbù ni wọ́n kọ́kọ́ rán wọn lọ kí wọ́n tó rí dókítà, tí èsì sì wà lórí tábìlì níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò gbé e wá. Ẹni tí ẹ máa pè nìyẹn, ohun tí ẹ sì máa ní kó ṣe náà nìyẹn.

Bí ẹ ṣe máa yà á: ìlà kan ṣoṣo, pẹ̀lú àmì kan, ká pè é ní ojú, fún ọjọ́ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, fún ogún ọjọ́ iṣẹ́ tó kọjá. Ẹ fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan já láti òsì sí ọ̀tún níbi iye àárín ogún ọjọ́ náà. Ẹ má torí pé ojú ti àná ga ju ìlà náà lọ kí ẹ máa pàriwo mọ́ ẹnikẹ́ni. Ó ga lónìí, ó wálẹ̀ lọ́la, bí ilé ìwòsàn ṣe rí nìyẹn. Ìgbà tí ojú mẹ́fà léra wọn bá bọ́ sí òkè ìlà, tí ìkankan ò wálẹ̀, ni kí ẹ mọ̀ pé nǹkan kan ti yí padà lóòótọ́. Bí ó bá jẹ́ ìsàlẹ̀ ni mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wà, bákan náà ni: ohun tí ẹ yí padà ti ń ṣiṣẹ́. Àwọn tó bọ́ sórí ìlà gan-an ò wọ inú ìṣirò.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ àṣìṣe mi kan níbí. Ní ilé ìwòsàn kan tí mo bá ṣiṣẹ́ nígbà kan, mo ya irú ìlà yìí fún wọn, inú mi sì dùn sí i. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ìlà náà já wálẹ̀ sí òdo fún ọjọ́ mẹ́rin gbáko. Máníjà fọ̀rọ̀ ìwúrí ránṣẹ́ sí gbogbo òṣìṣẹ́ pé kò sẹ́ni tó dúró mọ́. Àṣé ẹni tó ń tẹ aago sínú kọ̀ǹpútà ló lọ fún ìkómọ lẹ́yìn odi, tí kò sí ẹni tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi ni mo jẹ̀bi. Fọ́múlà tí mo kọ ń sọ àyè tó ṣófo di òdo, Excel sì ya òdo náà láìjanpata. Látìgbà náà ni mo ti máa ń fi èyí sáàárín, kí ọjọ́ tí wọn ò tẹ nǹkan sí má baà di ọjọ́ tí gbogbo nǹkan dára. Nínú tábìlì tí ṣáàtì ń kà, B ni iye ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe aago ìgbà tó dé:

```
=IF(B2="",NA(),B2)
```

Ojú ọjọ́ yẹn á kọ #N/A nínú tábìlì, ìlà ò sì ní já sí òdo. Ẹ tún kọ ọ̀rọ̀ kan sí òkè pátápátá ojú ewé, ṣáájú ṣáàtì èyíkéyìí: ọjọ́ àti aago tí wọ́n tẹ nǹkan kẹ́yìn. Bí ẹ bá ṣí i ní Ọjọ́bọ̀ tí ó sì kọ Ọjọ́ Ajé síbẹ̀, ẹ ti mọ ẹni tí ẹ máa pè kí ẹ tó wo ohunkóhun mìíràn.

Ó kan oògùn. Mo mọ̀ pé ọmọ náà á ti ya ọ̀pá fún iye tó kù nínú fámásì, torí ohun tí ìwé oògùn ń sọ nìyẹn. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé iye kì í sọ ìgbà tó máa tán. Ẹ wò ó: páálí oògùn ibà 60 ló kù, abẹ́rẹ́ ọ́sítósìn 12 ló kù. Lójú ṣáàtì, ọ́sítósìn ló ń jọ pé ó fẹ́ tán. Ṣùgbọ́n oògùn ibà 120 ni ẹ tà lóṣù tó kọjá, mẹ́rin lójúmọ́, nítorí náà 60 yẹn ò ní ju ọjọ́ 15 lọ. Ọ́sítósìn mẹ́fà péré lẹ lò lóṣù náà. 12 tó kù á tó yín fún ọgọ́ta ọjọ́, bí fíríìjì bá ń ṣiṣẹ́. (Bí iná bá lọ, tí fíríìjì ò sí láàárín 2 sí 8 lórí ìwọ̀n Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì, ẹ má ka ọ́sítósìn yẹn mọ́ oògùn tí ẹ ní.) Ọjọ́ tó kù ni kí ẹ yà, kì í ṣe páálí.

Ọ̀fìn kan wà níbẹ̀ tí mo ti rí tí àwọn tó gbọ́n jù mí lọ jìn sí. Ká ní ohun èlò àyẹ̀wò ibà olójú kíákíá tán fún ogún ọjọ́ lóṣù tó kọjá. Ọjọ́ mẹ́wàá péré ló fi wà, ẹ sì lo 40 láàárín ọjọ́ mẹ́wàá yẹn. Ní báyìí, 60 ti wọlé. Bí ẹ bá pín 40 sí ọjọ́ 30, á jọ pé ẹ̀ ń lo ẹyọ kan àti díẹ̀ lójúmọ́, ṣáàtì á sì fọkàn yín balẹ̀ pé 60 á tó ọjọ́ 45. Irọ́ ni. Mẹ́rin lẹ̀ ń lò lójúmọ́ nígbà tó bá wà, ọjọ́ 15 ni tiyín. Oògùn tó sábà ń tán ló máa ń dà bí ẹni pé wọn ò lò ó púpọ̀. Ẹni tó ń rà á á wá ra ìwọ̀nba, á sì tún tán. Ohun tó máa yọ yín ni kí ẹ pín ohun tí ẹ lò sí iye ọjọ́ tí ó fi wà lórí pẹpẹ. Bí C bá jẹ́ iye tó kù, tí D jẹ́ iye tí ẹ lò, tí E jẹ́ iye ọjọ́ tí oògùn fi wà:

```
=C2/(D2/E2)
```

Ẹ ya wọn ní ọ̀pá tó dùbúlẹ̀, kí orúkọ oògùn lè hàn ní kíkún lápá òsì, kí ó má baà di pé ẹ̀ ń yí ọrùn kí ẹ tó lè kà á. Kí èyí tó kúrú jù wà lókè. Mẹ́jọ ti tó. Ọgọ́rin oògùn tí kò ní ìṣòro ò níṣẹ́ lójú ewé náà. Kí ẹ wá fa ìlà kan kọjá láti òkè délẹ̀ níbi iye ọjọ́ tí ẹ kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí oògùn wálẹ̀ kọjá. Bí oníṣòwò yín bá ń lo ọjọ́ méje kí ọjà tó dé láti Èkó, ẹ fi méje mìíràn kún un fún ọjọ́ tí mọ́tò bá bàjẹ́ tàbí tí owó kò tètè wọlé, ìlà náà á bọ́ sí 14. Ọ̀pá tó bá kúrú ju ìlà náà lọ, òun ni fámásísì máa kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀. Oògùn ibà àti ohun èlò àyẹ̀wò tí mo fi ṣe àpẹẹrẹ wà ní 15: ọjọ́ kan ló kù fún wọn kí wọ́n kan ìlà, nítorí náà òní lẹ máa pe oníṣòwò.

Ti owó, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Ẹ yọ ṣáàtì owó tó wọlé lójoojúmọ́. Ẹ ti mọ̀ ọ́n láti ọ̀dọ̀ akápò kí ẹ tó délé, kò sì sí ohun tí ẹ lè ṣe sí owó àná. Èyí tó ń fún ilé ìwòsàn lọ́rùn ni gbèsè tí ẹ kì í wò: owó ìtọ́jú tí ẹ ti kọ ránṣẹ́ sí àwọn ilé iṣẹ́ adójútòfò ìlera tí wọn ò tíì san. Ẹ fún ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ọ̀pá kan, kí ẹ pín ọ̀pá náà sí mẹ́rin gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ orí gbèsè: kò ju 30 ọjọ́ lọ, 31 sí 60, 61 sí 90, àti ohun tó ti kọjá 90. Ẹ fi àwọ̀ tó ṣókùnkùn kun apá tó ti kọjá 90, kí ìyókù wà ní àwọ̀ eérú tó ń fúyẹ́, kí ẹ sì fi èyí tó gbó jù tò wọ́n, kì í ṣe èyí tí gbogbo rẹ̀ pọ̀ jù. Ilé iṣẹ́ tó jẹ yín ní owó ńlá láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá kì í ṣe ìyọnu. Èyí tó jẹ yín ní owó kékeré láti oṣù márùn-ún ló ń gbàgbé yín. Ẹ má po owó tí wọ́n ń san lóṣooṣù lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ yín mọ́ ọn. Ìyẹn, aláìsàn wá o, kò wá o, ó yẹ kí wọ́n san án, bí kò bá sì dé, lẹ́tà mìíràn ni ẹ máa kọ.

Ìkẹrin wá ni ti abẹ́rẹ́ àjẹsára, èmi kọ́ ni mo hùmọ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá ti ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ìjọba ìbílẹ̀ rí, ẹ ti rí ìwé ńlá tó wà lára ògiri yàrá abẹ́rẹ́ tí nọ́ọ̀sì máa ń fi bírò àti rúlà ya ìlà sí lópin oṣù. Ìlà méjì tó ń gòkè láti Ṣẹ́rẹ́ dé Ọ̀pẹ̀, ọ̀kan fún Penta 1, èkejì fún Penta 3, tí oṣù kọ̀ọ̀kan ń lé lórí èyí tó ṣáájú. Àlàfo tó wà láàárín ìlà méjèèjì ni àwọn ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ tí wọn ò parí. Ohun tó dára ni. Ó fi ìbéèrè kan ṣoṣo hàn lójú kan, ẹni tó ń kọjá lọ lọ́dẹ̀dẹ̀ lè kà á, kò sì bèèrè iná mànàmáná. Nígbà tí mo bá fẹ́ mọ̀ bóyá ṣáàtì mi dára, ìwé ara ògiri yẹn ni mo máa ń fi wé e.

Ẹ gbé e wá sójú dáṣíbọ́ọ̀dù bí ó ṣe rí. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra fún bí ẹ ṣe máa ka àlàfo náà. Penta 1 máa ń wáyé ní ọ̀sẹ̀ kẹfà lẹ́yìn ìbí, Penta 3 ní ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ló wà láàárín wọn. Ká ní títí di ìparí oṣù kẹfà, ọmọ 90 ti gba Penta 1 lọ́dọ̀ yín, 72 ti gba Penta 3. Bí ẹ bá ṣírò rẹ̀ bí ìwé ṣe ní kí ẹ ṣe é, 18 nínú 90, ìdá 20 nínú 100 ni wọ́n sọnù. Àjọ WHO sì ní kí ó má tó 10. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í bá nọ́ọ̀sì wí, ẹ bi ara yín léèrè: àwọn tó gba Penta 1 ní oṣù karùn-ún àti ìkẹfà ńkọ́? Ìgbà tiwọn ò tíì tó, tàbí kó ṣẹ̀ṣẹ̀ tó. Ẹ ṣí rẹ́jísítà, kí ẹ mú kìkì àwọn tó gba Penta 1 láti oṣù kìn-ín-ní dé ìkẹrin. Ká ní 60 ni wọ́n, tí 54 nínú wọn ti gba Penta 3. Mẹ́fà nínú 60, ìdá 10 nínú 100. Ìṣòro wà, àmọ́ ìdajì ohun tí ẹ kọ́kọ́ rí ni. Nọ́ńbà tí ẹ máa kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà méjèèjì ni ti àwọn tí ìgbà wọn ti tó nìkan.

Àwọn mẹ́fà yẹn ní orúkọ, ìyá wọn ní nọ́ńbà fóònù. Ẹ má kọ wọ́n sójú dáṣíbọ́ọ̀dù tó ń bá yín lọ sọ́jà àti sí ṣọ́ọ̀ṣì nínú fóònù. Òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni ti ọdún 2023 ò fojúure wo irú ẹ̀, ìyá ọmọ náà ò sì ní fojúure wò ó. Iye ni kó wà lórí fóònù, orúkọ kó wà nínú rẹ́jísítà lọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì tó máa pè wọ́n ní àárọ̀ Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kí wọ́n lè wá ní Ọjọ́rú.

Ó wá ku bí ẹ ṣe máa tò ó. Tó bá jẹ́ orí kọ̀ǹpútà lẹ ti ń wò ó, mo máa sọ pé méjì lókè, méjì nísàlẹ̀, kí èyí tó ṣe kókó jù wà ní igun òkè lápá òsì níbi tí ojú ti máa ń bẹ̀rẹ̀ ìwé kíkà. Orí fóònù lẹ wà, kò sí òsì tàbí ọ̀tún níbẹ̀, òkè àti ìsàlẹ̀ nìkan ló wà. Ẹ to mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lórí ara wọn ní òpó kan ṣoṣo, kí ìbú rẹ̀ má ju ohun tí ojú fóònù lè gbà láìjẹ́ pé ẹ̀ ń fi ìka fà á. Ohun tó ń pinnu ẹni tó máa wà lókè ni bí ó ṣe ń yára yí padà àti bí ó ṣe yẹ kí ẹ tètè dá sí i. Ìdúró wà lókè, torí ẹ lè pe nọ́ọ̀sì kí aago mẹ́sàn-án tó lù. Oògùn tẹ̀ lé e, torí òní lẹ máa rà á. Gbèsè ń yí padà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ó wà ní ìkẹta. Abẹ́rẹ́ ń yí padà ní Ọjọ́rú nìkan, ó lè wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ẹ máa bá mi jiyàn pé ọmọ ọwọ́ ṣe pàtàkì ju owó lọ. Òótọ́ ni. Àmọ́ ìgbà tí ẹ máa wò ó ló ń fún un ní ibùjókòó, ipò rẹ̀ nínú ayé ò sí níbẹ̀.

Àkọlé ṣáàtì kọ̀ọ̀kan, ẹ jẹ́ kó jẹ́ gbólóhùn tó ń sọ̀rọ̀. «Àkókò ìdúró» ò sọ nǹkan kan fún yín. «Àná: ẹni 2 dúró ju wákàtí kan lọ» ti sọ tán kí ẹ tó wo ìlà. Excel lè fi nọ́ńbà inú tábìlì sínú àkọlé fúnra rẹ̀. Ọmọ náà á mọ̀ ọ́n. Ní ti àwọ̀, ẹ kun gbogbo nǹkan ní eérú, kí àwọ̀ kan ṣoṣo wà fún ohun tó kọjá ìlà. Ẹ má lo pupa àti ewé pọ̀, torí àwọn ọkùnrin kan wà tí ojú wọn ò dá méjèèjì mọ̀ yàtọ̀, bí ẹ bá sì tẹ̀ ẹ́ jáde lórí bébà dúdú-funfun, ìkan náà ni wọ́n máa jọ. Ọ̀pá gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Bó bá bẹ̀rẹ̀ láti 50, 52 á ga ní ìlọ́po méjì 51. Oṣù tí kò tíì parí, ẹ má yà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó ti parí. Gbogbo ọjọ́ kẹta oṣù ni á máa jọ pé ilé ìwòsàn ti kógbá sílé.

Kí ọmọ náà má tíì ṣí Excel. Ẹ fi bírò ya mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sórí bébà kan, kí ẹ fi bébà náà ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ máa kọ nọ́ńbà sí i láràárọ̀. Èyí tí ẹ bá ti gbàgbé láti kọ ní ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ má jẹ́ kó ṣe é. Mo ti rí i tí mẹ́rin di mẹ́ta báyìí, tí ẹnikẹ́ni ò sì wá èyí tó lọ.

Ẹ kọ́kọ́ ra bátìrì fún aago ibi káàdì àti ti ẹnu ọ̀nà dókítà, kí ẹ sì mú wọn bára mu. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí mo ṣe irú iṣẹ́ yìí, aláìsàn kan dúró fún òdì ìṣẹ́jú méje: ó ti wọ yàrá dókítà kó tó dé ilé ìwòsàn.